Bí a ṣe ń bi ọ̀dọ́ eléré ìdárayá léèrè nípa ọkàn rẹ̀ kó tó wọ pápá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ìdíje, wọ́n á pín fọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ. Ìbéèrè kan á wà níbẹ̀ pé, "Ǹjẹ́ o ní àìsàn ọkàn?" Gbogbo wọn á kọ "rárá", akọ́nimọ̀ọ́gbá á kó fọ́ọ̀mù jọ, ó parí. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́. Ọmọ tí ẹran ọkàn rẹ̀ nípọn kì í mọ̀ pé òun ní àìsàn kankan. Ohun tó mọ̀ ni pé lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń sáré, ojú òun ṣókùnkùn, òun sì bá ara òun nílẹ̀, wọ́n wá ní ebi ló fà á. Fọ́ọ̀mù kò bi í léèrè ìyẹn, òun náà kò sì sọ ọ́.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá, olùkọ́ eré ìdárayá, nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ àti òbí ni mo kọ èyí fún. Àìsàn kan ṣoṣo ni mo mú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní haipatrófíìkì kadiomayópatì. Ọkàn nínípọn ni mo máa pè é. Yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn lápá òsì ló ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde lọ sí gbogbo ara. Nínú àìsàn yìí, ògiri yàrá náà máa ń nípọn láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí nǹkan mìíràn ló fà á. Nínú nǹkan bí 500 ènìyàn, ẹnì kan máa ń ní in. Ìran ni wọ́n sábà máa ń jogún rẹ̀: bí òbí kan bá ní àbùkù jíìnì náà, ọmọ kọ̀ọ̀kan lè gbà á, ó sì lè má gbà á, ọgbọọgba ni.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in ló ń dàgbà tí wọ́n ń darúgbó. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé fọ́nrán ẹran ọkàn náà kò tò létòlétò, àpá sì lè wà láàárín wọn. Bí ara bá ń ṣe wàhálà gidi, iná tó ń darí ìlù ọkàn lè dàrú, kí ọkàn máa gbọ̀n dípò kó máa lù. Ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ọpọlọ mọ́, ọmọ náà á sì ṣubú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ wá yàrá tó dákẹ́ tí ẹlòmíì kò ti lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ ní bébà àti bírò, ẹ̀rọ ìwọn-ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, àti òbí tàbí àgbà kan nínú ẹbí tó mọ ìtàn ẹbí náà. Ẹ ti bá dókítà kan sọ ọ́ ṣáájú pé ẹ máa fi àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí i.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń fò. Kí ẹ tó bi ọmọ kankan léèrè, kí àwọn alákòóso ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé pé ọmọ tó bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí ìbéèrè tó léwu kò ní ṣe ìgbaradì títí dókítà á fi rí i. Bí ẹ bá fi èyí sílẹ̀ di ìgbà tí ìdáhùn ti dé, tí ọmọ náà sì jẹ́ ẹni tó ń jẹ góòlù fún yín, wọ́n á rọ̀ yín pé kó gbá ìdíje tòní ná.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yan àkókò tí ọmọ lè sọ òótọ́

Ẹ má ṣe é ní ọjọ́ tí wọ́n ń yan agbábọ́ọ̀lù. Ọmọ tó ń wá ààyè nínú ẹgbẹ́ á pa ohunkóhun mọ́ra lọ́jọ́ náà. Òun nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ pe òbí wọlé, torí àwọn ọmọ kan ti dákú rí tí ilé kò gbọ́.

Ẹ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́: "Bí ìdáhùn rẹ bá ní kí dókítà wò ọ́, o máa sinmi títí yóò fi wò ọ́. Ààyè rẹ wà níbí." Ẹ má sọ fún un pé kò sí nǹkan kan, nítorí ẹ kò tíì mọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí gbogbo ẹgbẹ́ bá dáhùn "rárá" sí gbogbo ìbéèrè, kì í ṣe ìròyìn ayọ̀. Nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le, ó wọ́pọ̀ kí ẹnì kan ti ní òòyì tàbí kí àyà ti dùn ún rí. Bí kò bá sí "bẹ́ẹ̀ ni" kankan rárá, ẹ tún ọ̀nà tí ẹ fi ń béèrè wò.

Ìgbésẹ̀ 2: Àwọn ìbéèrè nípa ara rẹ̀

Ẹ fi ẹnu bi í, ní èdè tó ń sọ nílé, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn:

1. Ṣé o ti dákú rí, tàbí ó kù díẹ̀ kí o dákú, nígbà tí o ń sáré tàbí tí o ń gbá bọ́ọ̀lù, tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀?
2. Ṣé àyà rẹ máa ń dùn ọ́, tàbí kó fún ọ, nígbà tí o bá ń lo agbára?
3. Ṣé ọkàn rẹ ti sáré lódì rí, tàbí kó máa fò, láìnídìí?
4. Ṣé o máa ń mí hẹlẹhẹlẹ tàbí kó rẹ̀ ọ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ lọ, nígbà tí ìgbaradì yín jọ dọ́gba?
5. Ṣé dókítà ti sọ rí pé òun gbọ́ ariwo nínú ọkàn rẹ, pé ìfúnpá rẹ ga, tàbí pé kí o má ṣe eré ìdárayá? Ṣé wọ́n ti yẹ ọkàn rẹ wò rí?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló gba àkókò jù. Bó bá ti sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni", ẹ bi í ní ohun tó ń ṣe gẹ́lẹ́ nígbà tó ṣubú. Ẹni tó dákú níbi tí gbogbo wọ́n ti dúró lórí ìlà fún ìgbà pípẹ́, tó kọ́kọ́ làágùn, tí inú rẹ̀ ń rìn bí ẹni tó fẹ́ bì, tí ojú rẹ̀ wá ń ṣú díẹ̀díẹ̀, irú dídákú yẹn wọ́pọ̀, kì í sì í sábà léwu. Ẹni tó dákú lẹ́yìn tó dé òpin eré sísá tó sì dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń rọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ dókítà gbọ́dọ̀ wò ó, nítorí ọkàn nínípọn náà lè mú ènìyàn ṣubú ní àkókò yẹn. Ẹni tó ṣubú nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń sáré, láìsí àmì kankan ṣáájú, tí kò tilẹ̀ na ọwọ́ láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀, tó fi ojú tàbí àgbọ̀n gbá ilẹ̀, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ yẹn gan-an. Nínú gbogbo ìdáhùn tí ẹ lè gbọ́, èyí ló dẹ́rù bà mí jù.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n tètè máa ń rí ìdí tó rọrùn: kò jẹun, oòrùn mú, kò mu omi. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ló máa pinnu ìyẹn. Orúkọ àìsàn méjì tún máa ń bo ọkàn nínípọn mọ́lẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ikọ́ fée. Bí ọmọ bá ń fa oògùn ikọ́ fée, tí mímí hẹlẹhẹlẹ rẹ̀ nígbà eré kò sì dín kù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà. Èkejì ni wárápá. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọpọlọ, apá àti ẹsẹ̀ lè máa jà pàtìpàtì, kí àwọn tó wà níbẹ̀ pè é ní wárápá. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ọmọ ń lo agbára nìkan ni "wárápá" rẹ̀ máa ń dé, ọkàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ di yíyẹ̀wò.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: fún gbogbo ìgbà tó dákú, ó yẹ kí ẹ lè kọ gbólóhùn mẹ́ta: ohun tó ń ṣe, ohun tó kọ́kọ́ rí lára, àti bó ṣe padà sí ara rẹ̀. Bí ọ̀kan kò bá sí, ẹ wá ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìtàn ẹbí

"Ṣé àìsàn ọkàn wà nínú ẹbí yín?" kò ní mú nǹkan kan jáde. Ẹ ya àwọn òbí, àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n wọn, àti àwọn òbí àgbà sórí bébà, kí ẹ wá bi òbí léèrè lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: "Ṣé ó wà láàyè? Bó bá ti kú, ọmọ ọdún mélòó ni, kí ló ń ṣe lọ́jọ́ náà?"

Àwọn tó kú lójijì kí wọ́n tó pé ọdún 50 ni ẹ ń wá. Ikú wọn lè má jọ ti ọkàn rárá. Ẹni tó mọ odò wẹ̀ dáadáa tó sì kú sómi, ẹni tó ń wa ọkọ̀ lọ lóun nìkan tí ọkọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà láìsí ìdí, ẹni tó sùn tí kò jí, ọ̀dọ́ tí wọ́n ní wárápá ló pa á: gbogbo wọn ni kí ẹ sàmì sí. Ohun yòówù kí ẹbí gbà pé ó fa ikú náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ kọ. Ẹ tún béèrè bóyá ẹnì kan ní ẹ̀rọ tí wọ́n rì sábẹ́ awọ àyà, tàbí bóyá wọ́n ti sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọkàn rẹ̀ nípọn tàbí pé ó tóbi.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kò gbọdọ̀ sí ẹni tó kú ní kékeré lórí bébà náà tí ẹ kò kọ nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí òbí kò bá mọ̀, kó pe ẹni tó mọ̀ lórí fóònù níwájú yín.

Ìgbésẹ̀ 4: Ohun tí dókítà máa fi ọwọ́ àti etí ṣe

Dókítà á wọn ìfúnpá, á sì fetí sí ọkàn ọmọ náà lórí ìdùbúlẹ̀ àti lórí ìdúró. Ìdúró yẹn ni kí ẹ rí i dájú pé wọn kò fò. Lára àwọn kan tó ní ọkàn nínípọn, ẹran tó wú náà máa ń dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde, ariwo á sì wà. Bí ọmọ bá dìde dúró, tàbí tó di èémí mú tó sì fún ikùn, ariwo náà á ròkè. Bó bá lóṣòó, á rẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ariwo tí kò léwu ló jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ń rẹlẹ̀ bí ọmọ bá dìde.

Àyà tó dákẹ́ kò fọ ọmọ mọ́. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àìsàn yìí, kò sí ohun tó dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, etí kò sì ní gbọ́ ohunkóhun. Nítorí náà, bí ìdáhùn ọmọ bá ti léwu ní ìgbésẹ̀ 2 tàbí 3, kó tẹ̀ síwájú sí ìgbésẹ̀ 5, ohun yòówù kí dókítà gbọ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Í-sí-jí àti ẹ́kò

Í-sí-jí ni èyí tí wọ́n fi ń lẹ wáyà mọ́ àyà, tí ẹ̀rọ sì ń ya iná ọkàn sórí bébà. Ó máa ń fi àìtọ́ hàn lára nǹkan bí 9 nínú 10 àwọn tó ní ọkàn nínípọn. Èyí túmọ̀ sí pé ó lè mọ́ lára àwọn tó kù, kí àìsàn sì wà níbẹ̀. Ẹ́kò ló ń fi àwòrán ọkàn hàn, òun ni wọ́n fi ń wọn ògiri. Bó bá tó mìlímítà 15 lára àgbàlagbà láìsí ohun mìíràn tó fà á, ọkàn nínípọn ni wọ́n máa pè é. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti rí i nínú ẹbí rẹ̀, mìlímítà 13 ti tó. Fún ọmọ tó ṣì ń dàgbà, wọ́n máa ń fi ìwọ̀n náà wé bí ara rẹ̀ ṣe tóbi tó.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìgbaradì líle náà máa ń mú ọkàn nípọn díẹ̀. Ògiri ọkàn eléré ìdárayá kì í sábà ju mìlímítà 12 lọ, ṣùgbọ́n lára àwọn aláwọ̀ dúdú, ó máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ láìsí àìsàn. Láti 13 sí 15, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Dókítà ọkàn á wo inú yàrá náà: ìgbaradì máa ń mú kó fẹ̀, àmọ́ nínú àìsàn yìí ó sábà máa ń há. Ó lè ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ olóòfà ńlá ya ọkàn náà láti wá àpá. Ó sì lè ní kí ọmọ fi ìgbaradì sílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù 3 kí wọ́n tún un wọ̀n: bí ògiri náà bá fọn padà, ìgbaradì ló fà á.

Ìkìlọ̀ kan wà fún àwọn òbí tí àìsàn yìí wà nínú ẹbí wọn. Ẹ́kò tó mọ́ nígbà tí ọmọ wà ní ọdún 12 kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ìgbà tí ọmọ ń bàlágà ni ògiri náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í nípọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò lọ́dọọdún tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ìwé tí ọmọ mú bọ̀ gbọ́dọ̀ sọ bí ògiri náà ṣe nípọn tó ní mìlímítà, àti ohun tí dókítà ọkàn pinnu nípa eré ìdárayá. "Ara rẹ̀ dá" nìkan kò tó.

Bó ṣe ń rí lójú iṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún 16 kan tó ń gbá àárín pápá. Nínú fọ́ọ̀mù, "rárá" ló kọ sí gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá bá a jókòó.

"O ti dákú rí?"

"Rárá, mà."

"Ó kù díẹ̀ kí o dákú ńkọ́?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan, mà. À ń sáré gun òkè. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo kàn rí i pé mo wà nílẹ̀. Wọ́n ní mi ò jẹun."

"O jẹun àbí o ò jẹun?"

"Mo jẹun, mà."

Ó gbé àgbọ̀n sókè, àpá ibi tí wọ́n ti rán an ṣì wà níbẹ̀. Ìdáhùn ti wà nìyẹn: ẹsẹ̀ ṣì ń sáré, kò sí àmì ṣáájú, ọwọ́ kò gba ara sílẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé, ó ní kò sí àìsàn ọkàn nínú ẹbí àwọn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá dé orí àbúrò ìyá náà ọkùnrin lórí bébà, ìyá ní, "Odò ló gbé e lọ. Ọmọ ọdún 34 ni. Ó sì mọ odò wẹ̀ ju gbogbo wa lọ."

Wọ́n dá ọmọ náà dúró lọ́jọ́ náà. Dókítà kò gbọ́ ariwo kankan lórí ìdùbúlẹ̀ tàbí lórí ìdúró. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí ni, wọn ì bá dá a padà sí pápá. Í-sí-jí fi hàn pé ìgbì tí wọ́n ń pè ní T dorí kodò ní wáyà V5 àti V6, ìyẹn lápá òsì àyà. Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ lápá iwájú nìkan, láti V1 dé V4, lè jẹ́ ti ìgbaradì lára aláwọ̀ dúdú. Ti apá òsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tọpa rẹ̀. Ẹ́kò rí ògiri àárín ní mìlímítà 19, yàrá náà sì há.

Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti dókítà ọkàn, ọmọ náà àti àwọn òbí rẹ̀. Dókítà á gbé ewu rẹ̀ yẹ̀ wò: ìdákú náà, ikú inú ẹbí, bí ògiri ṣe nípọn tó, àpá, àti bí iná ọkàn ṣe ń ṣe nígbà tó bá wọ ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn fún wákàtí 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè fún un ní oògùn tó ń dẹ ìlù ọkàn, ó sì lè dá a lábàá pé kí wọ́n ri ẹ̀rọ tó ń ta iná sí ọkàn sábẹ́ awọ àyà rẹ̀. Lónìí, wọn kì í kàn fi òfin kan náà lé gbogbo ẹni tó ní in kúrò nínú eré ìdárayá. Ewu ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò. Ti akọ́nimọ̀ọ́gbá ni kó tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí ẹnì kan bá ṣubú láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án

Ìbéèrè kò lè mú gbogbo wọn. Lára àwọn kan, ṣíṣubú yìí gan-an ni àmì àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2003, ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, Marc-Vivien Foé ti Kamẹrúùnù ṣubú ní àárín pápá ní ìṣẹ́jú 72 nígbà tí wọ́n ń gbá pẹ̀lú Kòlóńbíà. Kò sí agbábọ́ọ̀lù kankan nítòsí rẹ̀. Ọmọ ọdún 28 ni, àyẹ̀wò òkú sì fi hàn pé ọkàn nínípọn ló pa á.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ṣubú láìsí ìkọlù, tí kò sì dáhùn, ẹ gbà pé ọkàn ni.

1. Ẹ gbọn èjìká rẹ̀, ẹ pè é. Bí kò bá dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ó lè máa gba èémí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń hanrun, tàbí kí ara rẹ̀ máa jà. Èyí ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù: wọ́n á ní ó ṣì ń mí, wọ́n á dúró máa wò ó. Ìyẹn kì í ṣe mímí.
2. Kí ẹnì kan pe ọkọ̀ ìlera pàjáwìrì, kí ẹlòmíì sáré lọ gbé ẹ̀rọ alágbèéká tó ń ta iná sí ọkàn, èyí tí wọ́n ń pè ní AED. Ẹ dárúkọ ẹni tó máa lọ. Bí ẹ bá pariwo pé "kí ẹnì kan lọ", kò sẹ́ni tó máa lọ.
3. Ẹ fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, níbi tó ti pàdé ọrùn ọwọ́, tẹ àárín àyà rẹ̀ kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì jẹ́ kí àyà padà sókè pátápátá lẹ́yìn títẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè fẹ́ èémí 2 sí i lẹ́nu lẹ́yìn títẹ̀ 30. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kó ṣáà máa tẹ̀.
4. Bí ẹ̀rọ bá ti dé, ẹ tàn án, ẹ lẹ àwọn àlẹ̀mọ́ rẹ̀ mọ́ àyà gbígbẹ, ẹ ṣe ohun tó bá sọ. Kì í ta iná sí ọkàn tí kò nílò rẹ̀.
5. Ẹ máa pààrọ̀ ẹni tó ń tẹ àyà ní ìṣẹ́jú 2 síra, nítorí ọwọ́ á ti rẹ̀ ẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

Ẹ má da omi lé e lórí, ẹ má sì fi ṣíbí tàbí ohunkóhun há a lẹ́nu.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ṣe é bí ìdánrawò kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnì kan dùbúlẹ̀ sí igun pápá tó jìnnà jù sí ibi tí ẹ̀rọ wà, kí ẹ sì ka àkókò láti ìgbà tó ṣubú títí àlẹ̀mọ́ fi kan àyà. Bó bá ju ìṣẹ́jú 3 lọ, ẹ gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ pápá, ẹ sì wo ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá tó wà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ọmọ náà bá jí, tó ní ara òun ti le, tó fẹ́ padà sínú eré, kò gbọdọ̀ padà. Ilé ìwòsàn ló ń lọ lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá sì rí ọkàn nínípọn lára rẹ̀, yálà ó yè tàbí kò yè, ẹ sọ fún òbí rẹ̀ pé kí àwọn fúnra wọn àti gbogbo ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá rẹ̀ lọ ṣe í-sí-jí àti ẹ́kò, títí kan àwọn tí kì í ṣe eré ìdárayá kankan.